Ìkòkò Aró Kan, Aṣọ Mẹ́rìndínlógún: Bí A Ṣe Ń Gbé Ìmúdójúìwọ̀n Wíńdòsì Káàkiri Lórí Fíláàṣì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtẹ̀wé lápá Ọláìyá, mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì kí ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́ láìfún yín ní owó dátà. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà lónìí. Wíńdòsì 10 ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Òun ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tòkunbọ̀ tí mo ń bá pàdé nílùú yìí, nítorí Wíńdòsì 11 ń béèrè fún pírósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa kò sì dé ibẹ̀. Mo fẹ́ sọ iṣẹ́ kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè rí ibi tó ti dẹrùn àti ibi tó ti dí wa lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí oṣù kẹwàá ọdún 2025 parí, àbúrò mi obìnrin kan tó ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ ní Òkè-Fìà pè mí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún ló ní. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra dátà títí, ó ti sú mi." Ohun tó máa ń ṣe ni pé á tan hótíspọ́ọ̀tì fóònù rẹ̀, á so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ọn, á tẹ ibi tí wọ́n kọ `Check for updates` sí, á wá jókòó máa wò ó. Bó bá dé ìdajì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé, iná á lọ. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré ló rí ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì pa mẹ́tàlá tó kù tì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fáìlì tí a fẹ́ lò fún Wíńdòsì 10 kò tó gígábáìtì kan. Ká fi í sí mẹ́gábáìtì 800. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún lọ́nà 800 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 13, yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣòfò nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Mo gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ kan kún un: bí kọ̀ǹpútà bá ń gba ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ lóṣooṣù, Wíńdòsì fúnra rẹ̀ máa ń mọ ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù tí kò ní, kì í sì í fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Torí náà, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì tó sì ń ṣe é déédéé kò nílò wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí. Àmọ́ yàrá tí wọ́n ti pa tì fún ọdún méjì, tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lé ní mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Aláró kì í po aró tuntun fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò kan ló ń dúró tì, tí á tọ́jú rẹ̀ títí á fi tó lò, lẹ́yìn náà ni á máa ki aṣọ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí aláró tó mọṣẹ́: kó tó ki aṣọ bọ aró, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á wò, á mọ irú aṣọ tó jẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbìyànjú èyí tó sì kùnà, fáìlì ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wá. Wọn ò tíì mọ àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀.

Torí náà, ìwé àjákọ ogójì ojú ewé ni mo kọ́kọ́ ní kí àbúrò mi rà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kan àti èmi la jọ lọ sídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. A fi máàkà kọ nọ́ńbà sí ara rẹ̀, 1 títí dé 16. A di bọ́tìnnì Wíńdòsì àti R mú, a tẹ `winver`, a sì kọ ohun tó jáde sínú ìwé. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ máa ń dà bí `Version 22H2 (OS Build 19045.2965)`. Nọ́ńbà tó wà ṣáájú àmì ìdánudúró ń sọ ìran Wíńdòsì náà. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ ibi tí ìmúdójúìwọ̀n bá a dé. Lẹ́yìn náà, a wo `System type` ní `Settings`, lábẹ́ `System` àti `About`, bóyá 64-bit ni àbí 32-bit. A sì wo ààyè tó ṣẹ́ kù lórí C.

Ẹ gbọ́ ohun tí a bá. Méjìlá jẹ́ 22H2, 64-bit. Mẹ́ta ṣì wà lórí 1909, ìyẹn 18363, tó ti pẹ́ gan-an. Ẹyọ kan, èyí tó kéré jù ní igun yàrá, jẹ́ 22H2 ṣùgbọ́n 32-bit ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la fi ṣe gbogbo ìyẹn. Ká ní a ò ṣe é ni, a máa gbé fáìlì kan wá, á wọ méjìlá, mẹ́rin á kọ̀ ọ́, a ò sì ní mọ ìdí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ fáìlì. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni pé ìmúdójúìwọ̀n Wíńdòsì 10 ti oṣù kọ̀ọ̀kan gbé ti gbogbo oṣù tó ṣáájú rẹ̀ dání. Kì í ṣe bíi ti Wíńdòsì 7 nígbà kan, tí èèyàn á máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìgbín. Ẹ ò nílò ti oṣù kìíní, ti oṣù kejì, ti oṣù kẹta. Èyí tó jáde kẹ́yìn nìkan tó. Fún Wíńdòsì 10, ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ Microsoft parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì gbé èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `KB5066791` jáde. Kọ̀ǹpútà 22H2 tó bá gbà á á di 19045.6456. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún náà dé.

Ibi tí wọ́n ti ń gbà á ni `catalog.update.microsoft.com`. Ẹ tẹ nọ́ńbà KB náà sínú àpótí ìwákiri. Oríṣiríṣi ni á tò síwájú yín: x64 ni ti 64-bit, x86 ni ti 32-bit, arm64 sì jẹ́ ti irú pírósẹ́sọ̀ mìíràn tí ẹ ò ní lórí tòkunbọ̀ wa. Ẹ wo gbólóhùn ibẹ̀ dáadáa kí ó sọ pé 22H2. Mo mú x64 kan àti x86 kan. Ẹ má ṣe gbà á láti ibòmíràn, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló fi ránṣẹ́.

Láàárọ̀ Òṣogbo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Lóru ni mo fà á, láàárín aago kan sí aago mẹ́rin. Ohun tí mo fi ń fà á ni àṣẹ kékeré kan tó ti wà nínú Wíńdòsì 10 tẹ́lẹ̀, tí a ń tẹ̀ sínú ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní `Command Prompt`. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ẹ fi àdírẹ́sì fáìlì náà, tí ẹ dà kọ láti ojú ewé Catalog, sí ibi tí mo kọ ADIRESI sí:

```
curl.exe -C - -O "ADIRESI"
```

Ìgbà mẹ́ta ni tèmi já lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò pàdánù nǹkan kan.

Bó bá ti wọlé, ẹ má tíì gbé e sórí fíláàṣì. Ẹ wo orúkọ fáìlì náà. Lẹ́yìn KB àti x64, ẹ máa rí ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà àti nọ́ńbà ogójì tó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa á rẹ́ kí orúkọ lè kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Òǹtẹ̀ fáìlì náà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ka gbogbo inú fáìlì, tó ṣírò òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SHA1, ohun tó máa jáde gbọ́dọ̀ bá àwọn lẹ́tà ogójì yẹn mu. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú fáìlì bá yí padà lójú ọ̀nà, gbogbo òǹtẹ̀ náà á yàtọ̀ pátápátá. Ìyẹn ni pé òǹtẹ̀ náà ń bá fáìlì rìn káàkiri, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ó wá kan fíláàṣì. Mẹ́ta ni a rà lọ́jà. Méjì dára. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n kọ 64 sí lára, kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú. Irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ máa ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà: á ní òun ní ààyè, á gba fáìlì láìjanpata, á sì fi orúkọ rẹ̀ hàn yín, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Òǹtẹ̀ ló tú u fó. A da fáìlì x64 sórí rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì ńlá kan mìíràn, a ṣírò òǹtẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yẹn ń ka ti ojú iwájú fún mi, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ àti mẹ́rin ìkẹyìn, èmi ń wo orúkọ fáìlì. Ní lẹ́tà àkọ́kọ́ gan-an ni a ti mọ̀ pé kò bára mu. A da fíláàṣì yẹn padà fún ẹni tó tà á.

Ohun kejì nípa fíláàṣì ni bí wọ́n ṣe fọ́máàtì rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń wá pẹ̀lú FAT32, FAT32 kì í sì gba fáìlì kan tó bá tó gígábáìtì mẹ́rin. Á ní fáìlì náà ti tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààyè ṣì pọ̀ nílẹ̀. Fáìlì méjì tí mo ti sọ kò ní ìṣòro níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn 1909 mẹ́ta yẹn máa nílò ohun tó ju gígábáìtì mẹ́rin lọ. Torí náà, mo fọ́máàtì àwọn fíláàṣì náà sí NTFS kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kẹta ló le jù. Fíláàṣì tó bá wọ kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún lóòjọ́, bí ọ̀kan nínú wọn bá ní fáírọ́ọ̀sì, òun náà á gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù. Ẹ ti rí fáírọ́ọ̀sì tó máa ń sọ gbogbo fódà di àmì ọ̀nà àbùjá, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ṣí fódà fún yín, á sì tún tàn kálẹ̀. Àbúrò mi ní méjì tó ní in. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lo káàdì SD kékeré nínú àpò rẹ̀ tó ní ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń kà á tó ń wọ ihò yúésíbì. Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sórí rẹ̀, ẹ wá fa ìdè náà sísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kà á, kò lè kọ nǹkan kan sí i. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tiyín: ẹ gbìyànjú láti ṣẹ̀dá fódà lórí rẹ̀, bó bá gbà, ìdè náà kò ṣiṣẹ́ lórí ohun ìkàwé yẹn. Àwọn fíláàṣì kan náà wà tó ní ìdè bẹ́ẹ̀, wọn ò pọ̀ lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n kan níwájú níbí ti ń na ọwọ́, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè: bí kọ̀ǹpútà kò bá lè kọ nǹkan sórí káàdì, níbo ni a máa kọ àbájáde sí? Sínú ìwé àjákọ yẹn ni, ẹ̀gbọ́n, ní iwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tí mo ti ṣe rí ní yàrá mìíràn kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi fíláàṣì sára kọ̀ǹpútà, mo tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì láti orí fíláàṣì, mo wá ń dúró. Kọ̀ǹpútà tó ń lo háàdì díìsìkì àtijọ́ lè lo ogójì ìṣẹ́jú tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Fíláàṣì kò sì lè kúrò níbẹ̀ títí á fi parí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni mo rí ṣe lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, dída fáìlì náà sórí C kò ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Torí náà, ẹ dà á sórí C, ẹ yọ fíláàṣì, ẹ kọjá sí kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá dé ìkẹrìndínlógún, èyí àkọ́kọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Mo kọ ìwé àṣẹ kékeré méjì sórí káàdì náà. Fódà kan wà fún x64, òmíràn wà fún x86, fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí msu ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́, `1-da.bat`, ń da nǹkan sórí C, ó sì ń ṣírò òǹtẹ̀:

```
@echo off
md C:\Imudojuiwon
copy /y "%~dp0*.*" C:\Imudojuiwon
cd /d C:\Imudojuiwon
for %%f in (*.msu) do certutil -hashfile "%%f" SHA1
pause
```

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé `certutil` ń kọ orúkọ fáìlì sójú ewé, ó sì ń kọ òǹtẹ̀ tó ṣírò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ò ní wá ìwé kankan. Ẹ fi ojú wé òkè àti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ yọ káàdì. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ pa fódà yẹn rẹ́, ẹ tún un dà. Ìwé àṣẹ kejì, `2-fi.bat`, ni ẹ máa lò láti orí C:

```
@echo off
cd /d C:\Imudojuiwon
for %%f in (*.msu) do set F=%%f
start /wait wusa "%CD%\%F%" /quiet /norestart
echo %errorlevel%
pause
```

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí méjèèjì, kí ẹ sì mú `Run as administrator`. Bí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lásán, èkejì kò ní lágbára láti ṣe nǹkan kan. Ojú dúdú náà á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má tì í pa. Nígbà tó bá parí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni á kọ síbẹ̀, nọ́ńbà yẹn sì ni ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé àjákọ.

Bó bá jẹ́ 3010, ó ti wọlé, ó ń dúró kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Bó bá jẹ́ 0, ó ti tán. 2359302 ń sọ pé kọ̀ǹpútà náà ti ní i tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ -2145124329, ó ń sọ pé fáìlì náà kì í ṣe tirẹ̀: bóyá ẹ gbé x64 fún 32-bit, bóyá ìran Wíńdòsì náà kì í ṣe 22H2. Ẹ padà sí ìwé yín, ẹ̀rí á ti wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nínú àwọn méjìlá, mẹ́jọ fún wa ní 3010. Mẹ́ta jẹ́ èyí tí àbúrò mi ti fi dátà rẹ̀ ṣe, wọ́n sì sọ 2359302 bó ṣe yẹ. Ẹyọ kan, nọ́ńbà 7, sọ -2147023838 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí, torí ẹ máa bá a pàdé nílùú yìí ju ibikíbi lọ. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń pa iṣẹ́ `Windows Update` pátápátá fún oníbàárà, kó má baà máa jẹ dátà. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n `wusa` gbára lé iṣẹ́ kan náà yẹn, kódà bí fáìlì bá wà lórí C tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa á, kò sí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún fáìlì náà. Lójú fèrèsé, bí ẹ ò bá lo `/quiet`, á kọ `0x80070422`. A ṣí ojú dúdú gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, a tẹ méjì yìí, a sì tún `2-fi.bat` ṣe:

```
sc config wuauserv start= demand
net start wuauserv
```

Ààyè tó wà lẹ́yìn àmì ìdọ́gba yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má yọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà 7 sọ 3010 bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù dátà, ọ̀nà tó dára ju pípa iṣẹ́ náà lọ ni pé kí ẹ lọ sí ibi Wi-Fi tí ẹ so mọ́, kí ẹ tan `Metered connection`. Kọ̀ǹpútà náà á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó ń gba fáìlì wọlé á sì wà láàyè.

Nígbà tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ibẹ̀ ni iná ti ń bà wá jẹ́. Ojú ewé tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn kò gbọ́dọ̀ bá iná lọ. Bí iná bá lọ níbẹ̀, nígbà púpọ̀ Wíńdòsì á gbìyànjú láti yí gbogbo rẹ̀ padà, ẹ máa rí `Undoing changes`, ẹ sì máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele `2-fi`. Ohun tó burú ju ìyẹn lọ náà lè ṣẹlẹ̀. A kò tún èyíkéyìí tàn títí a fi tan jẹnẹrétọ̀, a rọ epo rẹ̀ kún, a sì tún un tàn mẹ́rin-mẹ́rin kí ó má baà di ẹrù lé e lórí. Lẹ́yìn náà, `winver` lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí 19045.6456 ni a fi àmì sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà 3010 nìkan kò tó ẹ̀rí.

Èyí tó jẹ́ 32-bit ní igun yàrá gba ti x86 láìsí wàhálà, àmọ́ ó lọ́ra gan-an. Àwọn 1909 mẹ́ta ló kù. Fáìlì KB yìí kì í ṣe tiwọn. Ohun tí wọ́n nílò ni kí a kọ́kọ́ gbé wọn wá sí 22H2, irinṣẹ́ tí Microsoft ń pè ní `Media Creation Tool` sì máa ń ṣe fáìlì ISO tó lè ṣe é. Òun ni mo ní pé ó ju gígábáìtì mẹ́rin lọ. Òun náà la fà lóru, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A dà á sórí C, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ṣí `setup.exe` inú rẹ̀. Nígbà tó béèrè bóyá kó gba ìmúdójúìwọ̀n láti íńtánẹ́ẹ̀tì, a mú `Not right now`. Nígbà tó béèrè ohun tí a fẹ́ tọ́jú, a mú èyí tó ní fáìlì àti áàpù. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ nítorí ààyè kò tó lórí C. Fíìmù ni wọ́n kó kún ibẹ̀. A kó wọn kúrò títí ààyè fi lé ní gígábáìtì ogún, ó sì gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n di 22H2, `1-da` àti `2-fi` kan náà ló parí rẹ̀. Mẹ́ta yẹn gba ọjọ́ kejì lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kan Wíńdòsì 11 díẹ̀, torí mo rí láptọ́ọ̀pù tuntun lọ́wọ́ àwọn kan. Lórí 24H2, fáìlì kan lè má tó. Microsoft fi ibùdókọ̀ sójú ọ̀nà, ìkan ni `KB5043080` ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024: ẹni tí kò bá tíì kọjá níbẹ̀ kò lè fò ó. Ojú ewé Catalog máa ń fún yín ní fáìlì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ `Download`, ẹ má ṣe mú èyí tuntun kí ẹ fi èyí àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ kó méjèèjì sínú fódà kan náà láìsí nǹkan mìíràn níbẹ̀, kí ẹ fi `DISM` ṣe é dípò `wusa`, kí ẹ dárúkọ èyí tuntun fún un. Á wá èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú fódà náà fúnra rẹ̀:

```
DISM /Online /Add-Package /PackagePath:C:\Imudojuiwon\ORUKO.msu
```

Ìyá kan lẹ́yìn béèrè ṣáájú kí n tó dìde pé, ṣé bí a bá ti ṣe èyí, ó ti parí nìyẹn? Rárá, Màmá. Àpò tí a ṣe yìí gbé Wíńdòsì 10 dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó forúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtẹ̀síwájú tí wọ́n ń pè ní ESU, èyí tí ti aládàáni ń parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ìforúkọsílẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ wáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Fíláàṣì kò lè bá yín gbé ìyẹn. Torí náà, mo sọ fún àbúrò mi pé kí kọ̀ǹpútà tó ń lò fún báńkì àti owó akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ẹyọ kan tó forúkọ sílẹ̀, kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù jẹ́ ti ìkọ́ṣẹ́ nìkan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ ṣì lè máa gbé káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́: ìmọ̀ Defender nípa fáírọ́ọ̀sì tuntun. Microsoft ní òun á máa gbé e jáde fún Wíńdòsì 10 títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. Fáìlì kan ṣoṣo ni, orúkọ rẹ̀ ni `mpam-fe.exe`, ó lé ní mẹ́gábáìtì 100, ó sì ń yí padà lójoojúmọ́. Àdírẹ́sì ti 64-bit nìyí:

```
https://go.microsoft.com/fwlink/?LinkID=121721&arch=x64
```

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, ẹ wo `Properties` àti `Digital Signatures`, kí orúkọ Microsoft wà níbẹ̀, torí òun kò gbé òǹtẹ̀ sínú orúkọ rẹ̀ bíi ti msu. Tí ẹ bá ṣí i gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kì í sọ nǹkan kan. Ó máa dà bíi pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sí PowerShell kí ẹ bi í léèrè:

```
(Get-MpComputerStatus).AntivirusSignatureLastUpdated
```

Ọjọ́ tó bá kọ síbẹ̀ ni ìdáhùn. Àbúrò mi ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ajé báyìí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé pẹ̀lú fíláàṣì wọn. Káàdì SD wà nínú dúrọ́ọ̀, ìdè rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìwé àjákọ yẹn so mọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú nọ́ńbà 1 sí 16, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ka òǹtẹ̀ fún mi lọ́jọ́ sí ni ó sì ń kọ ọ́.